Ọdún kan nílé-ìwé: èló ló ń fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, èló ló ń fún ẹni tó wà lókè?

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà kan hàn yín: 0.114. Ètò ìkànìyàn tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1990 ni wọ́n ti rí i, nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé bèèrè pé èló ni ọdún kan sí i nílé-ìwé ń fi kún owó ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n gbé ìbéèrè kan náà lọ sórí ètò ìkànìyàn ọdún 2000. Nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀ náà ni 0.114. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, nǹkan kan ò yí padà nínú èrè tí ilé-ìwé ń mú wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nǹkan yí padà gan-an. Àmọ́ bí èrè ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, ló ń gòkè lápá òkè, nígbà tí wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan bo ìkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò tó jẹ́ kí wọ́n rí i ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kúọ́ńtáìlì rìgírẹ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà wúwo lẹ́nu, àmọ́ tí ẹ bá ti lè to èèyàn sórí ìlà, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀.

Joshua Angrist, Victor Chernozhukov àti Iván Fernández-Val ló ṣe iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ọdún 2006 ló sì jáde nínú ìwé ìròyìn Econometrica. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n wò, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 49. Wọ́n mú 65,023 nínú ìkànìyàn ọdún 1980, 86,785 nínú ti 1990, àti 97,397 nínú ti 2000. Dátà gidi nìyẹn (kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o). Ẹ fi ọjọ́ orí yẹn sọ́kàn: àwọn tó ti kúrò ní ilé-ìwé tipẹ́tipẹ́ ni, tí wọn ò sì tíì sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Owó wọn ti fìdí múlẹ̀.

Kí wá ni 0.114 túmọ̀ sí? Ìlànà tí Jacob Mincer gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1974 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe dọ́là ni wọ́n fi ń wọn èrè ẹ̀kọ́ níbẹ̀, lọ́gárídímù owó ni. Ìdí rẹ̀ ò le. Tí ẹni tó ń gba 300 dọ́là bá rí àfikún 100, ayé rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ẹni tó ń gba 5,000 lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Lọ́gárídímù ń jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ nípa ìdá tó kún owó kálukú, dípò iye dọ́là. Nítorí náà 0.114 ń sọ pé tí ẹ bá fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́, owó ọ̀sẹ̀ yóò fi bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ní ìpíndọ́gba. Ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn yẹn, "ní ìpíndọ́gba", ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ márùn-ún

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kékeré tí mo kàn ronú kàn. Òṣìṣẹ́ márùn-ún wà tí ẹ̀kọ́ wọn dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba 300 dọ́là lọ́sẹ̀, ẹnì kejì 400, ẹnì kẹta 500, ẹnì kẹrin 600, ẹni karùn-ún 1,700. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 3,500 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ó di 700. Ìpíndọ́gba wọn nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nínú àwọn márààrún, kò sẹ́ni tó ń gba 700. Mẹ́rin nínú wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fa nọ́ńbà náà sókè. Tí owó ẹni yẹn bá tún di 17,000, ìpíndọ́gba yóò fò lọ sí 3,760, síbẹ̀ kọ́bọ̀ ò wọ àpò àwọn mẹ́rin tó kù.

Ní báyìí, ẹ tò wọ́n sórí ìlà, kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù wà níwájú. Ẹni tó dúró sáàárín gbùngbùn ń gba 500. Tí owó ẹni tó kẹ́yìn bá di 17,000 tàbí mílíọ̀nù kan, ẹni àárín ò kúrò níbi tó wà. Ohun tí mo ń pè ní "ipò" nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí ìlà. Ẹni kẹwàá láti ìsàlẹ̀ wà ní ipò 10, ẹni àádọ́ta wà ní ipò 50, ẹni àádọ́rùn-ún wà ní ipò 90. Kúọ́ńtáìlì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kókó tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ lè rí ẹni àárín láì to ẹnikẹ́ni sórí ìlà rárá. Ẹ kàn máa bu owó ìtanràn lé àṣìṣe. Ká ní wọ́n ní kí ẹ dá iye kan ṣoṣo tí yóò dúró fún owó àwọn márùn-ún yìí, àti pé gbogbo dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ṣì í, ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ máa san dọ́là kan. Tí ẹ bá dá 700, ìtanràn yín yóò jẹ́ 400, 300, 200, 100 àti 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 2,000. Tí ẹ bá dá 600, ó di 1,700. Tí ẹ bá dá 500, ó di 1,600. Tí ẹ bá tún wá lọ sílẹ̀ sí 400, ó tún padà di 1,700. Ibi tí ìtanràn ti kéré jù ni 500, owó ẹni àárín.

Ẹ jẹ́ ká wá yí òfin náà díẹ̀. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dá iye tó kéré ju owó èèyàn lọ, ẹ máa san dọ́là mẹ́ta. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dá iye tó jù ú lọ, ẹ máa san ẹyọ kan péré. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa gbé iye yín sókè ni, torí pé àtikéré ló wá ń dunni báyìí. Tí ẹ bá dá 500, ẹ kéré sí ẹnì kẹrin pẹ̀lú 100, ẹ kéré sí ẹni karùn-ún pẹ̀lú 1,200, ìyẹn 1,300 lọ́nà mẹ́ta, 3,900, ẹ tún ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú 300, àpapọ̀ 4,200. Tí ẹ bá dá 600, ìtanràn yín á wá sílẹ̀ sí 3,900. Tí ẹ bá dá 700, á tún gòkè sí 4,000. Nítorí náà 600 ló wọlé. Ipò 75 nìyẹn, torí pé ìtanràn mẹ́ta sí ọ̀kan dà bíi 75 sí 25. Tí ẹ bá yí i padà, kí àtijù máa dunni ní ìlọ́po mẹ́ta, 400 ni ẹ máa bá ara yín, ìyẹn ipò 25. Bí ẹ bá fẹ́ ipò 90, ẹ jẹ́ kí ìtanràn àtikéré jẹ́ mẹ́sàn-án, ti àtijù ọ̀kan.

Kí nìdí tá a fi ń ṣe wàhálà ìtanràn nígbà tí títò sórí ìlà rọrùn? Torí pé nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá wọ̀ ọ́, títò ò ní ṣeé ṣe mọ́. Ẹnì kan lo ọdún 9 nílé-ìwé, òmíràn lo 12, òmíràn 16, ìrírí wọn lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ ò lè rí àwọn tí gbogbo nǹkan wọn bára mu pátápátá tó láti to ìlà kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìtanràn, ní tirẹ̀, kò bìkítà. Dípò kí ẹ dá iye kan ṣoṣo, ẹ máa fa ìlà gbọọrọ kan lórí gíráàfù, tí owó yóò máa gòkè bí ọdún ẹ̀kọ́ ṣe ń gòkè, ẹ ó sì wá ìlà tí àpapọ̀ ìtanràn rẹ̀ kéré jù. Roger Koenker àti Gilbert Bassett ló gbé èyí kalẹ̀ lọ́dún 1978, nínú Econometrica kan náà. Ìlà ipò 10 ní gígùnkè tirẹ̀, ìlà ipò 90 ní tirẹ̀. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gùnkè tó ló ń sọ ohun tí ọdún ẹ̀kọ́ kan ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ 0.114

Ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà wa. Àtẹ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni ohun tí ọdún ẹ̀kọ́ kan ń fi kún lọ́gárídímù owó ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ kúrò.

| Ọdún | Ipò 10 | Ipò 50 | Ipò 90 | Ìpíndọ́gba |
|---|---|---|---|---|
| 1980 | 0.074 | 0.068 | 0.079 | 0.072 |
| 1990 | 0.112 | 0.106 | 0.137 | 0.114 |
| 2000 | 0.092 | 0.111 | 0.157 | 0.114 |

Ẹ wo ọdún 1980 ná. Ìsàlẹ̀, àárín, òkè, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Tó bá jẹ́ pé ọdún yẹn nìkan la ní, mi ò bá sọ pé kẹ́ ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, kẹ́ ẹ lo ìpíndọ́gba, kò sí ohun tó fi pa mọ́. Ọdún 1990 dé, èrè ẹ̀kọ́ gòkè fún gbogbo ènìyàn, ti òkè ló sì gòkè jù. Títí dé ibí yìí, ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa Amẹ́ríkà ìgbà yẹn náà ni: ẹni tó kàwé ń fi ẹni tí kò kà sílẹ̀.

Ọdún 2000 wá ni ibi tí ojú mi máa ń dúró sí. Ipò 10 já wálẹ̀ láti 0.112 sí 0.092. Ipò 90 gun òkè láti 0.137 sí 0.157. Ẹ kíyè sí i: 0.020 ni ọ̀kan fi sọ̀ kalẹ̀, 0.020 náà ni ìkejì fi gòkè. Ìpíndọ́gba jókòó sáàárín, kò mira.

Nọ́ńbà kéékèèké bẹ́ẹ̀ lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, torí náà ẹ jẹ́ ká fi ọdún mẹ́rin ṣírò rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó parí girama ní ọdún 12 àti ẹni tó gboyè yunifásítì ní ọdún 16. Ní ipò 10, 0.092 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 0.368, tó túmọ̀ sí pé owó ipò 10 láàárín àwọn tó gboyè fi nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ipò 10 láàárín àwọn tó parí girama. Ní ipò 90, 0.157 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 0.628, nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́rin kan náà. Èrè rẹ̀ lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sínú dọ́là, pẹ̀lú iye ìbẹ̀rẹ̀ tí mo kàn yàn fúnra mi. Ká ní láàárín àwọn tó parí girama, ipò 10 ń gba 400 dọ́là lọ́sẹ̀, ipò 50 ń gba 700, ipò 90 ń gba 1,200. Tí ẹ bá fi èrè ọdún mẹ́rin ti ọdún 2000 kún un, láàárín àwọn tó gboyè, ipò 10 yóò jẹ́ nǹkan bíi 578, ipò 50 nǹkan bíi 1,091, ipò 90 nǹkan bíi 2,249. Láàárín àwọn oníwèé girama, ẹni òkè ń gba ìlọ́po mẹ́ta owó ẹni ìsàlẹ̀. Láàárín àwọn tó gboyè, ó ti sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá jẹ́ èrè ọdún 1980 la lò, ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjèèjì ò ní ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2000, ó ti di ìdá 30.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ò dùn-ún gbọ́ fún ẹni tó rò pé tí gbogbo èèyàn bá ti kàwé, owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí dọ́gba. Ẹ̀kọ́ gbé ìlà náà sókè lódindi, òótọ́ ni. Kò sí ipò kankan nínú àtẹ yẹn tí èrè rẹ̀ jẹ́ òdo. Àmọ́ bó ṣe ń gbé e sókè ló ń fà á gùn. Ìwé ẹ̀rí kan náà lọ́wọ́ èèyàn méjì kì í tún sọ owó wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Pedro Martins àti Pedro Pereira lo ọ̀nà yìí lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 16, pẹ̀lú dátà àárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2004. Àpẹẹrẹ tó hàn lápapọ̀ ni pé èrè ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ òkè ìlà. Wọ́n dá àlàyé mẹ́ta tó ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan gboyè tán, iṣẹ́ tí kò nílò oyè ni wọ́n rí ṣe. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ bá iṣẹ́ mu ń rí èrè ẹ̀kọ́ kó ju ẹlòmíràn lọ. Ó sì lè jẹ́ pé "ọdún 16" tá a kọ sínú àtẹ kì í ṣe nǹkan kan náà: ilé-ìwé yàtọ̀ síra, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yàtọ̀ síra. Èmi fúnra mi fara mọ́ ìkẹta jù, torí pé ọ̀wọ́n "ọdún ẹ̀kọ́" nínú dátà ò mọ ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ nǹkan mìíràn. Ọdún nìkan ló ń kà.

Ta ni wọ́n ń pè ní ẹni ìsàlẹ̀?

Àṣìkà kan wà tí mo máa ń bá pàdé lórí ìtàkùn, kódà lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Wọ́n á ní: "Ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ ń fún tálákà ní ìdá 9, ó ń fún olówó ní ìdá 16." Rárá o. Àtẹ yẹn ò sọ̀rọ̀ tálákà, kò sì sọ̀rọ̀ olówó.

Ẹ padà wo àpẹẹrẹ dọ́là wa. Ẹni tó gboyè tó wà ní ipò 10 ń gba 578. Ẹni tó parí girama tó wà ní ipò 50 ń gba 700. Èwo nínú wọn ni "ẹni ìsàlẹ̀"? Ipò tí ìṣirò yìí ń sọ jẹ́ ipò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹni, àwọn tí ọdún ẹ̀kọ́ wọn, ìrírí wọn àti àwọ̀ wọn bára mu. Ẹni ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan lè wà lókè nínú ìlú lápapọ̀. Tó bá jẹ́ ipò nínú gbogbo ìlú lẹ fẹ́ mọ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn; Sergio Firpo, Nicole Fortin àti Thomas Lemieux gbé ọ̀nà kan tó yàtọ̀ kalẹ̀ fún un lọ́dún 2009.

Ohun kejì tún nìyí: ipò ni à ń fi wé ipò, a ò fi èèyàn wé ara rẹ̀. Nọ́ńbà 0.092 ò sọ pé tí ẹ bá mú ẹnì kan ní ipò 10 láàárín àwọn oníwèé girama, kẹ́ ẹ rán an lọ sí yunifásítì, ipò 10 náà ni yóò tún já sí. Ó lè lọ síbẹ̀ kó di ipò 60. Ẹlòmíràn tó wà ní ipò 80 lè lọ kó já wálẹ̀. Àtẹ náà ń sọ bí ìlà méjì ṣe rí, kò sọ ẹni tó rìn láti ibì kan dé ibòmíràn lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké

Ìṣòro tó tóbi jù ṣì wà níwájú. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò lọ sí yunifásítì. Ẹni tí òbí rẹ̀ lówó, ẹni tí ìwé rọ̀ lọ́wọ́, ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn yẹn ló pọ̀ nínú àwọn tó lọ, àwọn náà ni wọn ì bá sì rí owó dáadáa láìlọ. Nítorí náà apá kan nínú ohun tí à ń pè ní "èrè ẹ̀kọ́" lè jẹ́ èrè nǹkan mìíràn tó wọ aṣọ ẹ̀kọ́. Kúọ́ńtáìlì rìgírẹ́ṣọ̀n ò wo àrùn yìí sàn. Ó kàn ń jẹ́ ká rí i ní ipò púpọ̀ dípò ẹyọ kan ni.

Ṣé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìwádìí kan wà tó jẹ́ ká rí bó ṣe lè pọ̀ tó. Kì í ṣe ilé-ìwé gan-an, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni, àmọ́ ìbátan ni wọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní JTPA, tó kọ́ àwọn tí owó wọn kéré níṣẹ́. Wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti mọ àwọn tí wọ́n máa fún láyè. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kèké mú ló gba ẹ̀kọ́ náà. Alberto Abadie, Joshua Angrist àti Guido Imbens gbé dátà yìí yẹ̀ wò lọ́dún 2002.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é, wọ́n fi àwọn tó gba ẹ̀kọ́ wé àwọn tí kò gbà, lórí owó tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan rí láàárín oṣù 30. Ní ipò 15, ó dà bíi pé ẹ̀kọ́ náà fi 1,187 dọ́là kún owó. Ní ipò 85, 4,806. Lẹ́yìn náà, wọ́n lo kèké: wọ́n jẹ́ kí kèké nìkan, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni, ṣàlàyé ẹni tó gba ẹ̀kọ́. Ipò 85 sọ̀ kalẹ̀ sí 3,378. Ipò 15 já wálẹ̀ pátápátá sí 121, ìwọ̀n àìdánilójú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé a ò lè yà á sọ́tọ̀ sí òdo. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ṣe fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló ṣe é. Nígbàkígbà tí mo bá rí àtẹ èrè ẹ̀kọ́ tí kò sí kèké nínú rẹ̀, 121 yẹn ni mo máa ń rántí.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín

Ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Koenker fúnra rẹ̀ ló kọ páákéèjì `quantreg` fún R. Ká ní dátà yín wà nínú `d`, pẹ̀lú owó, ọdún ẹ̀kọ́ àti ọdún ìrírí:

```r
library(quantreg)
m <- rq(log(owo) ~ eko + iriri + I(iriri^2),
        tau = c(0.1, 0.5, 0.9), data = d)
summary(m, se = "boot")
```

`tau` ni ipò tí ẹ fẹ́. Ẹ má ṣe ẹ̀yìn kẹ́rẹ́ o, ẹ ṣe `lm` pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, kẹ́ ẹ lè rí ìpíndọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí nọ́ńbà `eko` bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ipò, ẹ ti bá 1980 pàdé.

Ohun méjì ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó gba èsì gbọ́. Èkíní ni ìwọ̀n àìdánilójú ní etí ìlà. Àwọn èèyàn tó wà nítòsí ipò 90 máa ń fọ́n káàkiri, owó ọ̀kan jìnnà sí ti ìkejì, torí náà ìlà ibẹ̀ ò dúró ṣinṣin bíi ti àárín. Kódà pẹ̀lú àwọn 97,397 ti ọdún 2000, àìdánilójú ipò 50 jẹ́ 0.001, ti ipò 90 jẹ́ 0.004. Tó bá jẹ́ 300 èèyàn lẹ ní, tí ẹ wá ń kéde ipò 95, ẹyọ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà lókè ló ń sọ̀rọ̀.

Èkejì ni kí ẹ wò ó bóyá àwọn ìlà ń dá ara wọn kọjá. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣirò yìí ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ fún ìlà ipò 90 pé kó má bọ́ sábẹ́ ìlà ipò 50. Ẹ fi `predict` wo owó tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ní ọdún 6, ọdún 12 àti ọdún 18. Tí ẹ bá rí i pé ní ọdún 6, ipò 90 ń gba owó tó kéré sí ti ipò 50, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni. Ìlà gbọọrọ ò bá dátà yín mu níbẹ̀, tàbí kẹ̀ èèyàn tó wà níbẹ̀ ò tó.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè: Nàìjíríà ńkọ́? Ẹ má gbé 0.092 àti 0.157 wá sílé. Ọkùnrin Amẹ́ríkà ẹni ogójì ọdún sókè tó ń gba owó iṣẹ́ ló ni wọ́n. Níbí, alájàpá, télọ̀, onímọ́tò àti àgbẹ̀ pọ̀ jáǹtirẹrẹ, kò sì sí ọ̀gá tó ń san owó ọ̀sẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló máa ṣẹ́kù, àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn ti kàwé tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì fi wọ́n sí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ owó ọjà, owó epo àti owó ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú ohun tó wọlé fún wọn, kí ẹ tó lè pè é ní owó iṣẹ́. Ìpinnu yẹn ṣáájú `rq`, òun ló sì máa sọ irú èèyàn tó máa dúró sí ipò 10 yín.